Kọ́mà, àmì ìdánudúró àti àmì ìpajẹ nínú Yorùbá tí à ń kọ lójoojúmọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn àmì wo gan-an là ń sọ, kí sì ni orúkọ wọn lédè Yorùbá?

Mẹ́ta ni wọ́n. Àmì ìdánudúró ni tíńtín dúdú tó máa ń wà nísàlẹ̀ ìlà ní òpin gbólóhùn. Àwọn mìíràn ń pè é ní fúlísítọ́ọ̀pù. Kọ́mà ni ìkejì, òun ni ìwé ilé ẹ̀kọ́ ń pè ní àmì ìdánudúró díẹ̀, torí pé kò parí ọ̀rọ̀, ó kàn jẹ́ kí èèyàn mí díẹ̀ ni.

Ìkẹta ni àmì ìpajẹ, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí apọ́sítírọ́fì. Òkè ló máa ń wà, láàrin lẹ́tà méjì, bíi nínú *l'ọ́jà*. Mo ń pè é ní àmì ìpajẹ torí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi hàn pé a ti pa fáwẹ́lì kan jẹ níbẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí pé ibi tí wàhálà ti pọ̀ jù nìyẹn.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé gbólóhùn ti parí?

Ẹ wo olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe. Bí ẹ bá ti sọ ẹni tó ṣe nǹkan àti ohun tó ṣe, tí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú olùwà tuntun, gbólóhùn àkọ́kọ́ ti parí. Ẹ fi àmì ìdánudúró síbẹ̀, kí ẹ fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ èyí tó kàn.

Ibi tó léwu ni ibi tí ọ̀rọ̀ àkókò bá há sáàrin gbólóhùn méjì. Mo ra ẹrù lọ́wọ́ oníṣòwò kan rí, ó sì kọ̀wé sí mi báyìí: *A ti gba owo yin ni ojo Aje a o ko eru wa.* Mo kà á pé ọjọ́ Ajé ni owó dé ọwọ́ wọn, pé ẹrù mi ti wà lójú ọ̀nà. Ohun tó ní lọ́kàn ni pé ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa kó ẹrù wá. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń dúró lẹ́nu ọ̀nà lásán.

Ẹ wo bí àmì kan ṣoṣo ṣe lè yanjú rẹ̀. *A ti gba owó yín ní ọjọ́ Ajé. A ó kó ẹrù wá.* Ọjọ́ tí owó dé nìyẹn. *A ti gba owó yín. Ní ọjọ́ Ajé, a ó kó ẹrù wá.* Ọjọ́ tí ẹrù máa dé nìyí. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò yàtọ̀ rárá. Nítorí náà, nígbàkígbà tí ẹ bá kọ *lónìí*, *lọ́la*, *ní ọjọ́ báyìí* tàbí *ní aago báyìí* sáàrin àtẹ̀jíṣẹ́, ẹ padà kà á lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ẹ bi ara yín pé ti iwájú ni àbí ti ẹ̀yìn.

Ṣé àtẹ̀jíṣẹ́ ọ̀rọ̀ méjì náà nílò àmì ìdánudúró?

Rárá. *Mo ti dé* tó o fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ kò nílò nǹkan kan lẹ́yìn. Òpin àtẹ̀jíṣẹ́ ti parí gbólóhùn fúnra rẹ̀. Ìgbà tí gbólóhùn bá di méjì nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà ni àmì di dandan. Nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́, gbogbo gbólóhùn ló gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀, títí kan èyí tó gbẹ̀yìn.

Ṣé kọ́mà lè yí ìtumọ̀ padà lóòótọ́?

Ó lè yí i padà pátápátá, ó sì rọrùn kó ṣẹlẹ̀ ní Yorùbá ju bí a ṣe rò lọ. Ìdí àkọ́kọ́ ni pé a kì í fi ọ̀rọ̀ kankan sáàrin ohun ìní àti ẹni tó ni ín. *Ilé bàbá*, *aṣọ Bọ́lá*, *ìyá Ṣadé*: kí ọ̀rọ̀-orúkọ méjì kàn tẹ̀ léra, ìkejì ti di oníǹkan. Ẹ wá wo èyí: *Ìyá Ṣadé ti dé.* Ẹni tó bí Ṣadé ló dé. *Ìyá, Ṣadé ti dé.* Ìyá là ń bá sọ̀rọ̀, Ṣadé fúnra rẹ̀ ló dé. Bó o bá fi èkíní ránṣẹ́ sí màmá rẹ nígbà tí èkejì lo ní lọ́kàn, yóò máa wá àlejò tí kò sí kiri.

Ìdí kejì ni pé Yorùbá máa ń to ọ̀rọ̀-ìṣe léra láìsí ohun tó so wọ́n pọ̀: *lọ rà á wá*, *gbé e jókòó*, *sáré lọ pè é*. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀-ìṣe méjì bá tẹ̀ léra, ẹni tó ń kà á yóò kà wọ́n pọ̀ bí iṣẹ́ kan. *Má lọ pe dókítà* túmọ̀ sí pé kí ó má pe dókítà rárá. *Má lọ, pe dókítà* túmọ̀ sí pé kí ó dúró níbi tó wà, kí ó sì pè é. Ọ̀rọ̀ aláìsàn ni o, kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré.

Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà là ń kọ̀wé sí, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀ ti ń gba nǹkan sílẹ̀ díẹ̀: *Ẹ má lọ, ẹ pe dókítà.* *Ẹ* kejì yẹn ti fi hàn pé àṣẹ tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ojúgbà àti àbúrò tí a ń fi *o* bá sọ̀rọ̀ ni kọ́mà ṣe pàtàkì fún jù.

Ẹ káàárọ̀ mà tàbí Ẹ káàárọ̀, mà?

Èkejì ni. Nígbà tí ẹ bá pe ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀, yálà orúkọ ni, oyè ni, tàbí *sà* àti *mà*, kọ́mà ló yẹ kó yà á kúrò lára ìyókù ọ̀rọ̀. *Ẹ ṣé, sà. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin òbí. Bọ̀dá Wálé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí.* Bí orúkọ yẹn bá bọ́ sí àárín, kọ́mà méjì ni, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn: *Mo gbọ́, Àǹtí mi, mo ti ń bọ̀.*

Nínú àtẹ̀jíṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, kò sí ẹni tó máa bínú bí kọ́mà yìí bá sọnù nínú *Ẹ káàárọ̀ mà*, torí pé kò sí ìtumọ̀ mìíràn tó lè ní. Àmọ́ *Ìyá Ṣadé* tí a sọ lókè yẹn ti fi hàn pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń rí bẹ́ẹ̀.

Ṣé mo lè fi *àti* so gbólóhùn méjì pọ̀?

Ọ̀rọ̀-orúkọ ni *àti* ń so pọ̀: *iyọ̀, ata, epo àti gaàrí*. Kò so gbólóhùn pọ̀. Ẹni tó bá kọ *Mo lọ sí ọjà àti mo ra iṣu*, èdè mìíràn ló wà lórí rẹ̀ nígbà tó ń kọ ọ́. Bí Yorùbá ṣe ń sọ ọ́ ni *Mo lọ sí ọjà, mo sì ra iṣu.* Kọ́mà ló parí ìdajì àkọ́kọ́, *sì* ló so ó mọ́ ìkejì. Àwọn méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Ẹni tó bá kọ *sì* tí kò kọ kọ́mà, wọ́n á ṣì gbọ́ ọ yé. Ẹni tó bá kọ *àti* dípò wọn ni ìwé rẹ̀ máa ń dún bí ìtumọ̀.

Nínú ìwé ìwáṣẹ́, mo máa ń rí àṣìṣe yìí ju gbogbo àṣìṣe yòókù lọ, torí pé ibẹ̀ ni a ti ń to ohun tí a ti ṣe léra: mo kẹ́kọ̀ọ́ níbí, mo ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún. Ní ti kọ́mà tó wà ṣáájú *àti* nínú àkọsílẹ̀ ọjà, ẹ lè yọ ọ́. *Ata, epo àti iyọ̀* ti tó.

Níbo ni kò yẹ kí kọ́mà wà?

Kò yẹ kó wà ṣáájú *pé*. *Mo gbọ́ pé ẹ ń wá olùkọ́* ni, kì í ṣe *Mo gbọ́, pé ẹ ń wá olùkọ́*. Kò yẹ kó wà ṣáájú *ni* tí a fi ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀: *Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń wá.* Kò yẹ kó ya ọ̀rọ̀-orúkọ kúrò lára *tí* tó ń ṣàlàyé rẹ̀: *iṣẹ́ tí ẹ polówó*. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò gbọ́dọ̀ bọ́ sáàrin àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tó jọ ń ṣe iṣẹ́ kan. *Ó mú ìwé náà wá* ni. Bí ẹ bá kọ ọ́ ní *Ó mú ìwé náà, wá*, *wá* ti di ìpè sí ẹnì kan.

Ibi tó yẹ kó wà ni ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ tó ṣáájú gbólóhùn gangan: *Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ilẹ̀kùn ti wà ní títì. Bí òjò bá dá, a ó wá.* Bí ẹ bá yí i po, kọ́mà á kúrò: *A ó wá bí òjò bá dá.* Ṣáájú *ṣùgbọ́n* àti *àmọ́* náà, ẹ fi sí i, àmọ́ ẹ má fi sí ẹ̀yìn wọn.

*L'ọ́jà* ni tàbí *lọ́jà*? *N'ílé* ni tàbí *nílé*?

*Lọ́jà* àti *nílé*, láìsí àmì ìpajẹ. Bí àkọtọ́ òde òní tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, òun ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ nílé ìwé. Àwọn ìwé orin ìsìn àtijọ́ ni a ti mọ *s'ọ́run* àti *l'áyé*, ojú wa sì ti mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ṣì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì jẹ̀bi ohunkóhun. Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn ni. Àmọ́ nínú ìwé ìwáṣẹ́ lónìí, pàápàá sí ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé iṣẹ́ ìròyìn, ẹ kọ ọ́ pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. *Ní* pàdé *ọjà*. Fáwẹ́lì *ní* yẹn, *i*, parẹ́, àmọ́ ohùn òkè tó wà lórí rẹ̀ kò parẹ́: ó fò sórí *ọ* tó bẹ̀rẹ̀ *ọjà*. *N* sì yí padà di *l*, torí pé fáwẹ́lì tó tẹ̀ lé e kì í ṣe *i*. Ohun tó jáde ni *lọ́jà*. Pẹ̀lú *ilé*, fáwẹ́lì *i* ló tẹ̀ lé e, nítorí náà *n* dúró bó ṣe wà: *nílé*. Ìlànà kan náà ló wà nínú *ṣe iṣẹ́* tó di *ṣiṣẹ́* àti *ra ẹja* tó di *rẹja*. Ẹ wò ó pé kò sí ẹni tó ń kọ *ṣ'iṣẹ́* mọ́.

Èmi gbà gbọ́ pé ohun tó burú jù nínú àmì ìpajẹ yìí ni pé ó ń jẹ́ ká rò pé a ti ṣe ohun tó yẹ, nígbà tí iṣẹ́ gidi ṣì wà nílẹ̀. Ẹ wo *l'owo*. Àmì wà níbẹ̀, ó mọ́, ó dára lójú. Ṣé *lówó* ni, bíi *Ó lówó*, ẹni tó rí já jẹ? Àbí *lọ́wọ́*, bíi *Ó wà lọ́wọ́ mi*? Àmì ìpajẹ kò sọ ọ́ fún wa. Àmì abẹ́ *ọ* àti àmì ohùn ló lè sọ ọ́. Bí àyè bá wà fún ẹ̀yọ àmì kan ṣoṣo, èyí tó wà lábẹ́ lẹ́tà ni kí ẹ fi àyè náà sí.

Ibi kan wà tí mo ṣì máa ń fi ọwọ́ sí àmì ìpajẹ: bí èèyàn bá ń kọ orin, ewì tàbí oríkì sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lẹ́nu, tí akéwì pa fáwẹ́lì kan jẹ níbi tí a kò ti ń pa á jẹ nínú ọ̀rọ̀ lásán. Àmì náà ń ran ẹni tó máa kà á sókè lọ́wọ́ níbẹ̀.

*Mo n'lọ*, *mo'n lọ*, *mon lọ*: èwo ló tọ̀nà?

Kò sí èyí tó tọ̀nà nínú wọn. *Mo ń lọ* ni: ọ̀rọ̀ mẹ́ta, àyè láàrin wọn, ohùn òkè lórí *ń*. *Ń* yìí kì í ṣe àjákù ọ̀rọ̀ kan, kò sí fáwẹ́lì kankan tí a pa jẹ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó dá dúró ni, òun ló ń sọ pé iṣẹ́ náà ń lọ lọ́wọ́. Àmì ìpajẹ kò ní nǹkan kan láti ṣe níbẹ̀.

*Kò sí* náà rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe *ko'si*. *Wọ́n ní* ni, kì í ṣe *won'ni*. Bí ìka bá ti ń fẹ́ fi àmì sáàrin, ẹ béèrè pé fáwẹ́lì wo ló sọnù. Bí kò bá sí èyí tó sọnù, àyè ni ibẹ̀ ń fẹ́.

*Tó*, *t'ó*, *tí ó*: ṣé ọ̀kan náà ni?

Ọ̀kan náà ni wọ́n lẹ́nu. Lórí ìwé, *tó* ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, èmi náà ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ *tó* mìíràn wà tó ń sọ pé nǹkan pọ̀ dé ìwọ̀n, òmíràn tún wà nínú *kí ó tó dé*. Nínú ìwé ìwáṣẹ́, ẹ kọ ọ́ gbooro: *owó oṣù tí ó tó* rọrùn láti kà ju *owó oṣù tó tó* lọ. *Kó* náà rí bẹ́ẹ̀: *kí ó kó ẹrù rẹ̀* yé èèyàn kíá, *kó kó ẹrù rẹ̀* ń fẹ́ kí a kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ yẹra fún *t'ó* àti *k'ó*. Wọ́n dúró sáàrin méjèèjì láìsí àǹfààní kankan.

Orúkọ ìlú ńkọ́? *L'Ékòó* ni tàbí *lÉkòó*?

Ìbéèrè yìí ló le jù nínú ọ̀rọ̀ àmì ìpajẹ, torí pé lẹ́tà ńlá wọ̀ ọ́. Bí a bá tẹ̀ lé ìlànà *lọ́jà*, *lÉkòó* ló yẹ kó jẹ́, àmọ́ lẹ́tà ńlá láàrin ọ̀rọ̀ kò dùn ún wò, tí a bá sì fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́, orúkọ ìlú ti sọnù. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníròyìn kan fi ń kọ *l'Ékòó*, mi ò sì ní bá wọn jà.

Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó ń wáṣẹ́ ni pé kí ó kọ ọ́ gbooro: *ní Èkó*, *ní Ìbàdàn*, *ní Abẹ́òkúta*. Kò sí àmì tí a ní láti ṣe àríyànjiyàn lé lórí, orúkọ ìlú náà sì pé pérépéré. Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀. *Mo sise l'eko* láìsí àmì ohùn lè jẹ́ Èkó, ó lè jẹ́ ẹ̀kọ́. *Mo ṣiṣẹ́ ní Èkó* kò ní ìtumọ̀ kejì.

Pátákó ṣọ́ọ̀bù ń kọ *Iya Bola's*. Ṣé a nílò àmì yẹn láti fi hàn pé ẹnì kan ló ni nǹkan?

Rárá. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ni. Yorùbá ti fi ipò ọ̀rọ̀ sọ ẹni tó ni nǹkan: *Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Bọ́lá*. Bí ó bá wù yín láti fi Gẹ̀ẹ́sì kọ pátákó, ẹ fi kọ gbogbo rẹ̀.

Ohun tó jọ ọ́ ni orúkọ tí a gé kúrú, bíi *'Túndé* fún *Babátúndé* tàbí *'Kúnlé* fún *Adékúnlé*. Àmì ìpajẹ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, torí pé ó ń sọ pé nǹkan wà níwájú tí a yọ. Àmọ́ kò di dandan, ẹ má sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Orúkọ inú fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ bá ti ìwé ẹ̀rí mu lẹ́tà sí lẹ́tà, àwọn fọ́ọ̀mù orí ẹ̀rọ mìíràn sì wà tí kò gba àmì kankan nínú orúkọ.

Báwo ni mo ṣe máa kọ iye owó?

Ní Nàìjíríà, kọ́mà ló ń ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀, àmì ìdánudúró ló ń ya kọ́bọ̀ sọ́tọ̀: ₦25,000 tàbí ₦25,000.00. Ẹ má fi àyè sí ẹ̀yìn kọ́mà nínú iye owó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a máa ń fi sí i nínú ọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá ń kọ̀wé sí ará wa ní Kétu, Ṣàbẹ́ tàbí Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Bìní Olómìnira, ẹ rántí pé ilé ìwé Faransé ni wọ́n lọ. Lójú wọn, kọ́mà ló ń ya ìdá kúrò lára odidi, àyè lásán ló sì ń ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀. Ẹni tó rí 2,500 lè kà á sí méjì àti ààbọ̀. Ẹ kọ 2 500, tàbí kí ẹ fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi lẹ́tà ìwáṣẹ́ kan hàn wá, kí a rí bí àwọn àmì ṣe ń wọlé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí àdírẹ́sì. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa nílé ìwé ni pé kọ́mà ló ń parí ìlà kọ̀ọ̀kan, àmì ìdánudúró ló ń parí ìlà tó gbẹ̀yìn, déètì náà sì ní tirẹ̀:

Ojúlé 12, Òpópónà Ọjà,
Ilé-Ifẹ̀,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹfà, ọdún 2025.

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ lónìí kò fi kọ́mà sí òpin ìlà mọ́, ìyẹn náà dára. Kí ẹ má kàn pa méjèèjì pọ̀ nínú lẹ́tà kan ni. Ẹ̀yìn ìkíni, bíi *Ọ̀gá Àgbà,* àti ẹ̀yìn ìdágbére, bíi *Èmi ni tiyín ní tòótọ́,* kọ́mà ni. Àkọlé tó wà lábẹ́ ìkíni kò nílò àmì ìdánudúró.

Ní ti ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, irú ohun tí mo máa ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ní kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò nìyí: *E kaaro sa mo fe fi iwe yi beere ise oluko ti e polowo mo ti sise l'eko fun odun merin mo si ni iwe eri oluko ni odun 2019 mo gba iwe eri keji.* Ẹ wo ibi mẹ́ta. *Sa* so mọ́ *mo* láìsí ìdánudúró. *L'eko* ní ìtumọ̀ méjì. Èyí tó burú jù ni *ni odun 2019*: ṣé ọdún tó gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ni, àbí ọdún tó gba ìkejì? Ẹni tó ń ka àádọ́ta lẹ́tà lọ́jọ́ kan kò ní pè é láti béèrè.

Lẹ́yìn àtúnṣe: *Mo fẹ́ fi ìwé yìí béèrè fún iṣẹ́ olùkọ́ tí ẹ polówó. Mo ti ṣiṣẹ́ ní Èkó fún ọdún mẹ́rin, mo sì ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Ní ọdún 2019, mo gba ìwé ẹ̀rí kejì.* Àmì ìdánudúró mẹ́ta, kọ́mà méjì, àmì ìpajẹ kankan kò sí. A yọ *Ẹ káàárọ̀, sà* kúrò, torí pé ìkíni ti wà lókè, a kò sì mọ ìgbà tí wọ́n máa ka lẹ́tà náà.

Fóònù mi kò ní *ọ*, nítorí náà mo máa ń kọ *o.* pẹ̀lú àmì ìdánudúró lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé ó burú?

Ó máa ń da ojú ìwé rú. Ẹni tó ń kà á rò pé gbólóhùn parí láàrin ọ̀rọ̀. Fóònù náà lè rò bẹ́ẹ̀, kó sọ lẹ́tà tó kàn di ńlá. Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: bí ẹ bá kọ *Olo.run*, Wọ́ọ̀tsáàpù tàbí ẹ̀rọ mìíràn lè sọ ọ́ di ìlujá aláwọ̀ búlúù tó ń lọ sí ojú òpó kan, torí pé `.run` jẹ́ ìparí àdírẹ́sì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. `.mo` àti `.je` náà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ lè máa fi ọ̀rọ̀ àdúrà ránṣẹ́, kí ẹni tó gbà á tẹ̀ ẹ́, kó bá ara rẹ̀ níbi tí kò mọ̀.

Bó bá jẹ́ Gboard, pátákó ìtẹ̀wé ti Google, lẹ ń lò, ẹ lọ sí `Languages` nínú ètò rẹ̀, ẹ tẹ `ADD KEYBOARD`, kí ẹ mú `Yoruba`. *Ẹ*, *ọ* àti *ṣ* á wà níbẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, *o* lásán dára ju *o.* lọ.

Kí ló dé tí àtẹ̀jíṣẹ́ mi fi ń di mẹ́ta, tí owó rẹ̀ sì ń pọ̀, nígbà tí kò gùn?

Àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù là ń sọ, kì í ṣe Wọ́ọ̀tsáàpù. Àtẹ lẹ́tà kan wà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lò. Bí gbogbo lẹ́tà inú àtẹ̀jíṣẹ́ yín bá wà nínú àtẹ yẹn, ojú ìwé kan máa gba lẹ́tà 160. Bí ẹyọ kan ṣoṣo bá wà tí kò sí nínú rẹ̀, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ yóò yí sí ìlànà mìíràn tó ń gba 70 péré; bó bá sì ju ojú ìwé kan lọ, 67 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan máa gbà. Àtẹ̀jíṣẹ́ lẹ́tà 150 tó yẹ kó jẹ́ ojú ìwé kan á di mẹ́ta.

Kọ́mà àti àmì ìdánudúró wà nínú àtẹ náà. Àmì ìpajẹ tó nà gbọọrọ, `'`, wà níbẹ̀. Àmọ́ àmì ìpajẹ tó tẹ̀ kọrọdọ, `’`, kò sí níbẹ̀, òun ni àwọn fóònù kan sì máa ń fi rọ́pò èyí tí ẹ tẹ̀, láìsọ fún yín. Lórí iPhone, ẹ lọ sí `Settings`, `General`, `Keyboard`, kí ẹ pa `Smart Punctuation`. Ní ti lẹ́tà wa, *ẹ*, *ọ* àti *ṣ* kò sí nínú àtẹ náà. Ohùn ìsàlẹ̀ wà lórí àwọn fáwẹ́lì kékeré *à, è, ì, ò, ù*, àmọ́ nínú ohùn òkè, *é* nìkan ló wà.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí igba èèyàn nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ yàn ní mímọ̀: ẹ fi àmì sí i pátápátá kí ẹ san owó rẹ̀, tàbí kí ẹ yọ àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà, àmọ́ kí ẹ fi kọ́mà àti àmì ìdánudúró sílẹ̀. Àwọn méjèèjì wọ̀nyí kò yí ìlànà padà rárá, àwọn ló sì máa jẹ́ kí ẹni tí kò rí àmì ohùn lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan parí sí àti ibi tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀.